Owó tí wọ́n gbà yàtọ̀ sí owó tí wọ́n so: ìdáhùn fún ẹni tí owó géèmù jáde nínú àkáǹtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ́ńdà Jíì ni mò ń gbé. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo fi káàdì báńkì mi ra géèmù kan lórí Steam, dọ́là 29.99. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já lẹ́yìn tí mo fi OTP sí i, ni mo bá tún un ṣe, ìyẹn sì wọlé. Álẹ́ẹ̀tì méjì ni mo gbà, ₦46,484.50 lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òmíràn tún dé, ₦46,934.35. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́jọ náírà ló wà níbẹ̀ kí n tó rajà, ₦66,581.15 péré ni mo lè ná báyìí. Géèmù kan ṣoṣo ni mo rí. Báńkì ní kí n lọ bá Steam, Steam ní ẹ̀ẹ̀kan làwọn gba owó. Ọjọ́ kẹsàn-án rè é. Ta ni owó mi wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé kí n ní kí báńkì bá mi gba gbogbo rẹ̀ padà ni?"

Àbúrò mi, má tíì ní kí báńkì gba ohunkóhun padà. Bí àwọn iye tí o kọ síbẹ̀ yìí bá pé, Steam kò jẹ ọ́ ní kọ́bọ̀. Báńkì rẹ ni ₦46,484.50 rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì tíì kúrò nínú àkáǹtì rẹ rárá. Ohun tí ó kù ni pé kí o fi orúkọ tí ó ń jẹ́ gan-an béèrè rẹ̀, nítorí pé bí o bá fi orúkọ mìíràn béèrè, ibi tí kò sí ni wọn yóò ti máa wá a, wọ́n sì lè ba nǹkan mìíràn jẹ́ níbi tí wọ́n bá ti ń wá a.

Ìgbésẹ̀ méjì ni owó káàdì máa ń gbé kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí a rajà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú kan ṣoṣo ni àwa oníbàárà fi ń wo méjèèjì. Ní ìgbésẹ̀ kìíní, ilé ìtajà yóò gba ọ̀nà Visa tàbí Mastercard ránṣẹ́ bi báńkì rẹ pé ṣé ẹni yìí ní owó tí ó tó. Bí báńkì bá dáhùn pé ó ní in, kò ní gbé owó fún ilé ìtajà lójú ẹsẹ̀. Ńṣe ni yóò so iye náà sọ́tọ̀, bí ìyá oníṣòwò ṣe máa ń so owó olówó mọ́ etí ìró kí ó má baà ṣèèṣì ná an. Owó náà ṣì jẹ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n o kò lè fọwọ́ kàn án. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń pe síso yìí ní líẹ̀nì. Lórí áàpù, Pending ni o máa rí lára rẹ̀. Ìgbésẹ̀ kejì máa ń wáyé lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, nígbà tí ilé ìtajà bá kó gbogbo ọjà tí ó tà jọ, tí ó sì gba ọwọ́ báńkì tirẹ̀ béèrè owó náà lọ́wọ́ báńkì tìrẹ. Ìgbà yìí ni owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ ní tòótọ́. Bí báńkì rẹ bá sì ti ń san án, ó yẹ kí ó tú èyí tí ó ti so láti ọjọ́ kìíní, kí méjèèjì má baà wà pa pọ̀.

Nítorí náà, nínú álẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí o gbà, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ síso, ẹ̀kẹta nìkan ni sísan. Ohun tí ó jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé owó mìíràn ni ẹ̀kẹta ni pé iye rẹ̀ yàtọ̀. Dọ́là ni Steam fi ń tajà fún àwa tí a wà ní Nàìjíríà, náírà ni àkáǹtì rẹ, iye tí wọ́n sì ń pààrọ̀ dọ́là ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kọ́ ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ṣírò rẹ̀: dọ́là 29.99 ní ₦1,550 jẹ́ ₦46,484.50, dọ́là 29.99 kan náà ní ₦1,565 jẹ́ ₦46,934.35. Náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni dọ́là kọ̀ọ̀kan fi wọ́n sí i láàárín ọjọ́ mẹ́rin, òun ni ó di ₦449.85 tí ó wà láàárín iye méjèèjì. Iye tí ó wà lójú pátákó ní ọjọ́ sísan ni ó ń múlẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò dá ₦449.85 yẹn padà fún ọ, má sì kọ ẹ̀sùn lé e lórí.

Wàyí o, ṣí áàpù báńkì rẹ, kí o wo oríṣi iye méjì tí ó wà níbẹ̀. Ledger balance ni owó tí ó wà nínú àkáǹtì ní tòótọ́, èyí tí wọ́n so àti èyí tí wọn kò so. Available balance ni èyí tí o lè ná. Bí áàpù rẹ kò bá fi èyí àkọ́kọ́ hàn, béèrè fún un lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lórí káńtà. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ fún wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, Ledger rẹ ṣì jẹ́ ₦160,000 gẹ́lẹ́, nítorí pé wọn kò tíì san ohunkóhun. Ṣùgbọ́n síso méjì ti mú iye tí o lè ná wálẹ̀ sí ₦67,031. Nígbà tí sísan dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ledger yẹ kí ó di ₦113,065.65. Bí báńkì bá tú síso méjèèjì, iye kan náà ni o lè ná. Bí kò bá tú ìkankan, ₦20,096.65 ni ìbá kù fún ọ. Ṣùgbọ́n ₦66,581.15 ni o kọ sí mi, ìyẹn sì jẹ́ ₦113,065.65 tí a yọ síso kan ṣoṣo kúrò nínú rẹ̀. Èyí já sí pé báńkì tú síso kejì, èyí tí ó bá géèmù rẹ lọ, ó sì gbàgbé síso àkọ́kọ́ sí etí ìró. Bí Ledger rẹ bá ṣe ₦113,065.65 lóòótọ́ nígbà tí o bá wò ó, ọ̀rọ̀ ti parí sí apá kan nìyẹn.

Ẹ̀rí mìíràn wà tí ó le ju ìṣirò lọ, èmi kì í sì í gbọ́ ẹjọ́ ìlọ́po owó láìkọ́kọ́ béèrè fún un. Nígbàkígbà tí báńkì bá gbà pé kí a so owó, ó máa ń fún ìgbà náà ní àmì ìfọwọ́sí tí ó jẹ́ lẹ́tà tàbí nọ́ńbà mẹ́fà. Àmì yẹn ni yóò máa bá owó náà rìn títí dé ọjọ́ sísan. Fún àpẹẹrẹ, kí á sọ pé síso ti aago 9:12 ní àmì 048213, tí síso ti aago 9:19 sì ní àmì 730556. Bí sísan ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá gbé 730556 wá, òun àti síso kejì jẹ́ ọ̀kan náà, bí iye wọn tilẹ̀ yàtọ̀. 048213 wá di ọmọ òrukàn tí kò sí ẹni tí yóò wá béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá rí sísan méjì, tí ọ̀kan gbé 048213, tí èkejì gbé 730556, a jẹ́ pé lóòótọ́ ni ilé ìtajà gba owó lẹ́ẹ̀mejì. Iye owó lè tan ni jẹ, ọjọ́ lè tan ni jẹ, àmì mẹ́fà yìí ni kì í sábà tan ni. Kò sí lórí áàpù púpọ̀ nínú àwọn báńkì wa; àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń rí i lójú ẹ̀rọ tiwọn, bí o bá sì béèrè fún àmì ìfọwọ́sí ìdúnàádúrà kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ ohun tí ò ń wí.

Báwo ni síso àkọ́kọ́ ṣe di ọmọ òrukàn? Nígbà tí o tẹ OTP tán, báńkì rẹ ti gbà, ó sì ti so owó náà. Ìdáhùn náà ni kò dé ojú rẹ nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó já. Bí ìdáhùn bá ti sọnù báyìí, ó yẹ kí ẹ̀rọ tí ó wà níwájú fi ọ̀rọ̀ ìfagilé ránṣẹ́ sí báńkì pé kí ó tú ohun tí ó so. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ ìfagilé náà a sọnù sójú ọ̀nà, nígbà mìíràn a dé, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ kò ní bá èyí tí báńkì kọ sílẹ̀ mu, báńkì yóò sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà, ọjọ́ tí báńkì fúnra rẹ̀ dá fún síso nìkan ni ó lè tú u. Ọ̀pọ̀ ni mo rí tí wọ́n tú láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, èyí tí ó pẹ́ jù lọ́wọ́ mi sì dé ọjọ́ 30. Nítorí náà, ọjọ́ kẹsàn-án tí o wà yìí kò tíì burú, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí sísan ti dé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí ìdí tí ó fi yẹ kí o ka ọjọ́ tó kù lórí ìdúró.

Kí n sọ ibi tí ìṣirò mi lè kùnà. Kì í ṣe gbogbo báńkì ni ó ń so owó. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ kúrò nínú Ledger lójú ẹsẹ̀, wọn a sì kó o sí àkáǹtì inú ilé tiwọn títí ilé ìtajà yóò fi béèrè. Lọ́dọ̀ irú báńkì bẹ́ẹ̀, Ledger àti Available yóò dọ́gba, àwọn iye yòókù kò sì ní rí bí mo ṣe tò wọ́n sókè yìí. Bí tìrẹ bá rí báyẹn, fi ìṣirò sílẹ̀, kí o di àmì ìfọwọ́sí mú, nítorí pé òun kì í yí padà níbi kankan.

O béèrè bóyá kí báńkì gba gbogbo rẹ̀ padà. Ohun tí ò ń sọ ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ṣájìbáàkì: báńkì rẹ yóò gba ọ̀nà Visa tàbí Mastercard fagbára gba owó padà lọ́wọ́ ilé ìtajà, lẹ́yìn náà ni ilé ìtajà yóò tó wá rojọ́ tirẹ̀. Owó tí wọ́n ti san nìkan ni a lè ṣe é sí. Owó tí wọ́n kàn so kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tí a lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ tí kò fara balẹ̀ bá kọ ẹ̀sùn rẹ, ó máa wá ìlà tí ẹ̀rọ rẹ̀ gbà fún un láti mú, ìlà kan ṣoṣo tí yóò sì rí ni ₦46,934.35, owó géèmù tí o rà tí o sì ń gbá lọ́wọ́. Ìgbà yẹn, lójú Steam, ìwọ ni o jẹ géèmù tán tí o tún ní kí wọ́n dá owó padà.

Mo mọ ibi tí èyí máa ń yọrí sí, nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀yọ́. Ilé ìtajà géèmù rẹ̀ yàtọ̀ sí tìrẹ, ọ̀rọ̀ náà bá ara mu. Síso méjì, sísan kan, ó sì gba báńkì kan lọ ní apá ọjà Akẹ̀sán pẹ̀lú ìbínú. Ọmọbìnrin tí ó wà lórí káńtà ṣàánú rẹ̀, ó ní kí ó kọ ìwé, ó bá a fi ránṣẹ́ sí Èkó ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, ó fẹ́ wọlé sínú àkáǹtì géèmù rẹ̀, ó rí i pé wọ́n ti tì í. Kì í ṣe géèmù kan yẹn nìkan ni ó lọ. Gbogbo èyí tí ó ti ń rà láti ọdún mẹ́ta ni kò lè ṣí mọ́. Nígbà tí ó gbé ìwé náà wá fún mi, mo wo ìlà tí wọ́n fi pupa fàlà sí nídìí: ìlà sísan ni. Síso tí ó tìtorí rẹ̀ lọ ṣì wà níbẹ̀, ó sì tú fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kejì tí mo rí ìwé náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fi ń kọ̀wé kí báńkì tó fa ẹ̀sùn náà padà, kí ilé ìtajà sì tó ṣí ilẹ̀kùn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ ẹnìkan ni ẹ̀rọ ṣájìbáàkì sì ń kọ́kọ́ gbọ́. Steam náà máa ń ti àkáǹtì tí wọ́n bá ṣe ṣájìbáàkì sí, ó sì máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí báńkì yóò fi fà á padà. PlayStation náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí á wá sọ̀rọ̀ nípa ohun tí o máa ṣe. Kọ́kọ́ gba ẹ̀rí lọ́wọ́ Steam. Wọlé sí àkáǹtì rẹ, lọ sí Account details, kí o tẹ View purchase history. Ya àwòrán ojú ìwé náà bí ó ṣe wà, kí orúkọ àkáǹtì, ọjọ́, àti ìlà kan ṣoṣo tí géèmù náà ní hàn kedere. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí àmì ìfọwọ́sí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ láti báńkì, kọ̀wé sí wọn ní help.steampowered.com. Wọn kò ní nọ́ńbà fóònù tí a ń pè fún ìrànlọ́wọ́, nítorí náà ẹni tí ó bá fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ọ lórí wàásáàpù pé òun ni Steam, olè ni. Ohun tí mo rò pé ó jẹ́ kí wọ́n dá ọ lóhùn ní ìlà kan ni bí o ṣe bi wọ́n. O bi wọ́n pé èéṣe tí wọ́n fi gba owó rẹ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì sọ òtítọ́ pé àwọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bi wọ́n báyìí dípò rẹ̀: ní alẹ́ ọjọ́ báyìí, ní aago 9:12, báńkì mi fi àmì ìfọwọ́sí 048213 so dọ́là 29.99 fún yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi pé ẹ kò gba owó náà, àti pé ẹ kò ní béèrè rẹ̀ mọ́. Ìlà kan tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ tó.

Lẹ́yìn náà, mú ìwé lọ sí báńkì, kí o kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ẹni tí yóò tú owó náà kò sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀ka báńkì kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Wọn yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ń bójú tó káàdì ní olú ilé iṣẹ́. Àkọlé ìwé náà ni ó ṣe pàtàkì jù. Má pè é ní ìlọ́po owó, má sì pè é ní ẹ̀sùn. Sọ pé ò ń béèrè kí wọ́n tú líẹ̀nì tí sísan rẹ̀ kò dé. Nísàlẹ̀ rẹ̀, kọ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ, nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ àti mẹ́rin ìkẹyìn lára káàdì, ọjọ́ àti aago síso méjèèjì, iye wọn ní náírà àti ní dọ́là, àmì ìfọwọ́sí kọ̀ọ̀kan, àti ọjọ́ tí sísan dé pẹ̀lú àmì tí ó gbé wá. Kọ orúkọ ilé ìtajà bí ó ṣe wà nínú sítétímẹ́ǹtì. Ti Steam sábà máa ń jẹ́ STEAM PURCHASE tàbí STEAMGAMES.COM. Fi gbólóhùn kan kún un pé o gba géèmù rẹ, pé o kò bá sísan ₦46,934.35 jà, àti pé kí wọ́n má ṣe ṣájìbáàkì sí i. Gbólóhùn yìí ni ì bá gba ọmọ ẹ̀gbọ́n mi là. Ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè gbogbo nọ́ńbà ojú káàdì rẹ, píìnì rẹ, tàbí OTP nítorí iṣẹ́ yìí, ì báà jẹ́ nínú báńkì, má fún un.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n sọ fún ọ pé kí o lọ gba ARN wá lọ́wọ́ Steam. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rìn láti ẹnu ọ̀nà kan sí òmíràn fún oṣù kan. ARN jẹ́ nọ́ńbà 23 tí báńkì ilé ìtajà ń fún owó nígbà tí ó bá ń béèrè sísan. Sísan ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní tirẹ̀. Síso aago 9:12 kò ní in, kò sì lè ní in láéláé, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò béèrè owó rẹ̀. Àìsí ARN yẹn gan-an ni ẹ̀rí rẹ. Fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, kí o sì ní kí wọ́n wo nọ́ńbà tí síso máa ń ní, èyí tí wọ́n ń pè ní RRN, nọ́ńbà méjìlá, tí wọ́n lè rí nínú ẹ̀rọ tiwọn pẹ̀lú aago tí o kọ.

Kí o tó kúrò níbẹ̀, gba nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ ọ̀rọ̀ rẹ sílẹ̀. Ìlànà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ni pé kí báńkì fún oníbàárà ní nọ́ńbà yìí, kí ó sì yanjú ọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnìkan lè sọ fún ọ nípa wákàtí 72 tí Báńkì Àpapọ̀ là sílẹ̀ ní ọdún 2020 fún owó tí ó há lórí POS àti íńtánẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò gbẹ́kẹ̀ lé e fún ọjà tí a rà ní òkèèrè, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń gba ọwọ́ ẹni púpọ̀ kọjá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kí o kà. Bí ó bá kọjá, kọ̀wé sí ẹ̀ka tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀, cpd@cbn.gov.ng, kí o sì so ìwé àkọ́kọ́ àti nọ́ńbà náà mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù lè mú un lọ sí ẹ̀ka Báńkì Àpapọ̀ ní Ìbàdàn. Nínú ìrírí tèmi, àwọn báńkì máa ń tètè tú owó ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá rí i pé o ti mọ àdírẹ́sì yẹn, kí o tó lò ó rárá.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ìwé tí o gbà fi sísan méjì hàn, àmì méjì, ARN méjì, ọ̀nà yí padà. Ó ṣòro kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí géèmù kan náà nínú àkáǹtì kan náà lórí Steam, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí owó tí a kó sínú Wallet, àpò owó orí Steam, nítorí pé kò sí ohun tó dí ni lọ́wọ́ láti kó o sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ilé ìtajà ni kí o kọ́kọ́ lọ bá, kì í ṣe báńkì. Steam máa ń dá owó géèmù padà bí kò bá tíì pé ọjọ́ 14 tí a rà á, tí a kò sì tíì gbá a tó wákàtí méjì. Owó Wallet náà láàárín ọjọ́ 14, bí o kò bá tíì ná nínú rẹ̀. Yan pé kí owó padà sí káàdì, má yan Wallet, bí kò bá jẹ́ pé géèmù mìíràn ni o fẹ́ fi rà. Bí wọ́n bá kọ̀, tí ẹ̀rí sísan méjì sì wà lọ́wọ́ rẹ fún ọjà kan, nígbà náà ni ṣájìbáàkì tó di ẹ̀tọ́ rẹ, ARN kejì nìkan ni kí o sì fi lé báńkì lọ́wọ́. Visa gba ọjọ́ 120 fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ti Mastercard kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà má jẹ́ kí ó ju oṣù méjì lọ.

Àwọn tí wọ́n ń lo káàdì dọ́là orí fóònù, tí kì í ṣe ti báńkì, kò ní rí ìrànlọ́wọ́ kankan gbà lọ́wọ́ báńkì wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé gbogbo ohun tí báńkì rí ni owó tí wọ́n kó sínú áàpù náà. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe káàdì ni kí wọ́n kọ̀wé sí, ìbéèrè kan náà sì ni: ṣé síso ni tàbí sísan, kí sì ni àmì ìfọwọ́sí rẹ̀?

Ní tìrẹ, bí wọ́n bá tú owó náà, má dúró de álẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ báńkì kì í fi ìránṣẹ́ kankan sọ pé àwọn tú líẹ̀nì, nítorí pé lójú ìwé tiwọn, owó kankan kò wọlé, kò sì sí èyí tí ó jáde. Kò ní sí ìlà tuntun nínú sítétímẹ́ǹtì rẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wàá kàn ṣí áàpù, iye tí o lè ná yóò ti kúrò ní ₦66,581.15, yóò sì ti di ₦113,065.65, bí o kò bá tíì ná ohunkóhun nínú rẹ̀.